Títún àṣamọ̀ iṣẹ́ ìwádìí lórí igbó tó ti gé kélekèle kọ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni àṣamọ̀ irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ sọ gan-an?

Ohun mẹ́rin ni: ìbéèrè tí ẹ ń wá ìdáhùn sí, bí ẹ ṣe wá a, ohun tí ẹ rí, àti ìwúlò ohun tí ẹ rí. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í kọjá àṣamọ̀. Òun ni olóòtú jọ́nà máa ń kà kó tó pinnu bóyá iṣẹ́ náà á dé ọwọ́ àwọn olùyẹ̀wò. Òun náà ni ẹni tó ń kó ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún jọ máa ń kà kó tó mọ̀ bóyá kóun ṣí ìyókù wò.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ jù nínú iṣẹ́ lórí igbó ni pé ìdajì ọ̀rọ̀ á ti lọ sórí bí igbó ṣe ń tán láyé. Èyí tó kù á wá há, àbájáde á sì di gbólóhùn kan tí kò ní ìwọ̀n. Ó máa ń dùn mí, torí pé iṣẹ́ ńlá ló máa ń wà lábẹ́ irú àṣamọ̀ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ti rìn nínú igbó fún oṣù mélòó kan, ó ti ka kòkòrò tàbí igi lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó sì ka àṣamọ̀ rẹ̀ kò lè sọ ohun tó rí.

Ẹ lè fi àṣamọ̀ kan tó ní àbùkù hàn wá?

Èyí nìyí. Èmi ni mo gbé iṣẹ́ náà àti gbogbo iye inú rẹ̀ kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú un lò bí àbájáde ìwádìí tòótọ́. Yímíyímí, kòkòrò tó máa ń yí ìgbẹ́ ẹranko tó sì ń rì í mọ́lẹ̀, ni mo yàn, torí pé àwọn onímọ̀ máa ń lò ó gan-an láti mọ bí igbó ṣe wà. Ó rọrùn láti fi pàkúté mú, ó sì tètè máa ń fi ìyípadà hàn.

> Igbó ń pòórá káàkiri àgbáyé, èyí sì ń kó àníyàn bá àwọn onímọ̀. Gígé igbó sí kélekèle wà lára ewu tó tóbi jù lọ fún ohun abẹ̀mí. Nínú iṣẹ́ yìí, a ṣàyẹ̀wò ipa tí gígé igbó sí kélekèle ń ní lórí yímíyímí. A dẹ pàkúté 96 sínú igbó, a sì fi ọgbọ́n ìṣirò tó yẹ yẹ ohun tí a rí wò. Àbájáde fi hàn pé gígé igbó sí kélekèle ní ipa pàtàkì lórí yímíyímí (p < 0.05). Ọ̀pọ̀ oríṣi ti pòórá, èyí tó túmọ̀ sí pé irúgbìn kò ní rí ẹni rì wọ́n mọ́lẹ̀ mọ́, igbó kò sì ní lè tún ara rẹ̀ ṣe. A jíròrò lórí ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìdáàbòbò igbó.

Kò sí àṣìṣe gírámà kankan níbẹ̀. Àmọ́ ẹ bi ara yín: ègé igbó mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò? Báwo ni wọ́n ṣe tóbi tó? Ṣé yímíyímí dín kù ni tàbí wọ́n pọ̀ sí i? “Ipa pàtàkì” kò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ fì sí rárá.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú àbájáde, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹ ṣí àwòrán tàbí tábìlì tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yín, kí ẹ kọ gbólóhùn kan tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye. Nínú àpẹẹrẹ wa, àwòrán náà ní ìwọ̀n ègé igbó ní ìsàlẹ̀ àti iye oríṣi yímíyímí ní ẹ̀gbẹ́. Gbólóhùn rẹ̀ á lọ báyìí: “Bí ègé igbó bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, a máa ń rí bí oríṣi mẹ́ta sí i.”

Lẹ́yìn náà, ẹ wá béèrè pé ìbéèrè wo ni gbólóhùn yìí dáhùn. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó wà lókè àṣamọ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látòkè sábà máa ń kọ ìbéèrè tó ní lọ́kàn lọ́jọ́ tó ń wá owó ìwádìí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ṣe gan-an ti lè gba ibòmíràn lọ láti ìgbà náà.

Ṣé “a ṣàyẹ̀wò ipa gígé igbó sí kélekèle” kò tó gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè?

Kò tó. Ibí yìí ló ṣòro jù, torí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Nígbà tí igbó bá gé kélekèle, ohun púpọ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ pa pọ̀. Àpapọ̀ igbó tó kù á dín kù. Ègé kọ̀ọ̀kan á kéré sí i, á sì jìnnà sí èkejì. Etí igbó á pọ̀ sí i, oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ á máa wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀ tó yí ègé náà ká á di pápá ìjẹko, oko tàbí ojú ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní bó ṣe ń ṣe ẹranko. Bí ẹ bá kọ “gígé igbó sí kélekèle” láìsọ èwo nínú wọn, òǹkàwé kò lè mọ ohun tí ẹ wọ̀n.

Ní 2003, onímọ̀ àyíká kan, Lenore Fahrig, gbé àgbéyẹ̀wò kan jáde tó yí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà sọ̀rọ̀ yìí padà. Ó ní kí a ya àpapọ̀ igbó tó ti bọ́ lọ́wọ́ wa sọ́tọ̀ kúrò lára bí a ṣe pín èyí tó kù. Àkójọ rẹ̀ fi hàn pé pípàdánù igbó fúnra rẹ̀ ń ṣe ohun abẹ̀mí ní jàǹbá púpọ̀, àmọ́ pé pípín tí a pín èyí tó kù, bí àpapọ̀ igbó bá dúró bákan náà, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ fún rere tàbí fún búburú. Àwọn onímọ̀ kan kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán. Nítorí èyí gan-an ni olùyẹ̀wò tó bá gbọ́ iṣẹ́ ṣe máa ń tẹ ìka lé ọ̀rọ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ yímíyímí wa. Ègé igbó 12 ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì fi ìwọ̀n ègé kọ̀ọ̀kan àti jíjìnnà rẹ̀ sí igbó ńlá wé iye oríṣi. Wọn kò fi agbègbè kan tí igbó rẹ̀ fọ́ wé òmíràn tí igbó rẹ̀ kò fọ́ tí àpapọ̀ igbó méjèèjì sì dọ́gba. Nítorí náà iṣẹ́ wọn kò lè sọ pé “gígé sí kélekèle” fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ohun tó lè sọ ni ipa ìwọ̀n ègé àti ipa jíjìnnà. Ìbéèrè wọn á wá di: “Èwo ló bá iye oríṣi yímíyímí àti ìtóbi ara wọn rìn jù, bí ègé igbó ṣe tóbi tó ni àbí bó ṣe jìnnà sí igbó ńlá tó?” Ẹni tó ka ìbéèrè yìí ti mọ irú ìdáhùn tó ń bọ̀, bí àbájáde bá sì kọ̀ láti dáhùn rẹ̀, á rí i kíákíá.

Gbólóhùn mélòó ni kí n fi ṣe ìfáárà?

Ẹyọ kan. Kó sọ ohun tí a ti mọ̀ àti ibi tí ìmọ̀ náà dúró sí, kí ìbéèrè yín lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìwádìí kan tó jáde ní 2015 bẹ̀rẹ̀ àṣamọ̀, èyí tó sọ pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún igbó tó kù láyé kò ju kìlómítà kan lọ sí etí. Òótọ́ ni, ó sì ń bani lẹ́rù. Àmọ́ bí iṣẹ́ yín kò bá jẹ mọ́ etí igbó, gbólóhùn náà kò gbé òǹkàwé lọ síbi tí ẹ ń lọ. Ẹ gbé e lọ sí ìfáárà iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Nínú ọgbọ́n ìwádìí, kí ni mi ò gbọ́dọ̀ yọ?

Àyè kékeré ni ọgbọ́n ìwádìí ní, gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, torí náà ohun tí òǹkàwé máa fi mọ ibi tí àbájáde yín lè nasẹ̀ dé ni kí ẹ fi síbẹ̀. Fún ègé igbó, mo ka àwọn wọ̀nyí sí ọ̀ranyàn: iye ègé, èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù ní hẹ́kítà, ohun tó yí wọn ká, iye ọdún tí wọ́n ti dá wà, àti igbó tí a fi wé wọn. Iye ọdún yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ó ṣe kókó. Ègé tó dá wà láti ọdún méjì ṣì lè ní oríṣi púpọ̀ tí kò ní sí níbẹ̀ mọ́ bó bá pẹ́, torí pé àwọn tó kù ti kéré jù láti máa bí sí i. Ègé tó ti dá wà fún ọgbọ̀n ọdún ti pàdánù púpọ̀ nínú irú oríṣi bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo “pàkúté 96” inú àṣamọ̀ àkọ́kọ́. Iye náà dùn ún gbọ́, àmọ́ ó ń ṣini lọ́nà. Pàkúté mẹ́fà ni wọ́n dẹ sí ibi kọ̀ọ̀kan, ibi 16 ló sì wà: ègé 12 àti ibi 4 nínú igbó tí a kò gé. Pàkúté mẹ́fà inú ègé kan ń pín ìwọ̀n kan náà, jíjìnnà kan náà àti ìtàn kan náà. Bí ègé yẹn bá ní yímíyímí púpọ̀ nítorí pé ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀, gbogbo pàkúté mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa fi hàn. Ẹyọ tí ìbéèrè náà ń bá wí ni ègé igbó, kì í ṣe pàkúté. Stuart Hurlbert ti kìlọ̀ fún àwọn onímọ̀ àyíká nípa èyí láti 1984, síbẹ̀ ó ṣì ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ lè fi ojú ara yín dá a mọ̀: bí iye tó tóbi jù nínú ọgbọ́n ìwádìí yín bá jẹ́ pàkúté, igi tàbí ẹyẹ, tí iye ègé igbó kò sì sí níbì kankan, olùyẹ̀wò á fura. Ẹ kọ “ibi 16, pàkúté mẹ́fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.” Ọ̀rọ̀ mélòó kan péré ni, ó sì tún jẹ́ kó yé òǹkàwé pé bákan náà ni iṣẹ́ tí ẹ ṣe níbi gbogbo. Bí ẹ bá dẹ pàkúté púpọ̀ sí ègé ńlá tí ẹ sì dẹ díẹ̀ sí kékeré, oríṣi tó pọ̀ nínú ègé ńlá lè jẹ́ ti pàkúté, kó máà jẹ́ ti igbó.

Orúkọ ohun èlò ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà kò ní àyè nínú àṣamọ̀. “Ọgbọ́n ìṣirò tó yẹ” náà kò sọ nǹkan kan. Ẹ yọ ọ́.

Báwo ni kí n ṣe kọ àbájáde?

Ẹ sọ ibi tó fì sí, bó ṣe pọ̀ tó, àti bó ṣe dájú tó. p < 0.05 nìkan kò sọ èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó sọ kò ju pé bí kò bá sí ìyàtọ̀ rárá, ó ṣòro kí a tó rí irú iye tí a rí yìí. Ìyàtọ̀ oríṣi kan ṣoṣo lè ní p tó kéré bí ibi tí a yẹ̀ wò bá pọ̀ gan-an.

Nínú iṣẹ́ yímíyímí, igbó tí a kò gé ní oríṣi 28 ní ìpíndọ́gba, àwọn ègé tí kò tó hẹ́kítà 10 sì ní 11. Fún gbogbo ìlọ́po méjì ìwọ̀n, oríṣi mẹ́ta ló ń lé sí i, àlàfo ìdánilójú ìdá 95 sì wà láàárín 2 àti 4. Àwọn iye wọ̀nyí gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, torí pé olùyẹ̀wò á ṣírò wọn. Láti hẹ́kítà 3 sí 120 jẹ́ ìlọ́po méjì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún àti díẹ̀, ìyẹn bí oríṣi 16 lérí. Bí ègé tó kéré jù bá ní nǹkan bí 9, èyí tó tóbi jù á ní nǹkan bí 25, èyí sì wọlé sábẹ́ 28 inú igbó ńlá. Bí ìṣirò yín bá fún ègé hẹ́kítà 120 ní 40, ohun kan ti wọ́ níbì kan, àṣamọ̀ sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí i nínú rẹ̀.

Ẹ má kó gbogbo àbájáde wá. Méjì tàbí mẹ́ta tó dáhùn ìbéèrè ti tó. Nínú iṣẹ́ yìí, ìbéèrè náà dárúkọ ìtóbi ara yímíyímí, nítorí náà àbájáde lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Iye òjò oṣooṣù tí wọ́n wọ̀n kò sí nínú ìbéèrè, kó dúró sínú iṣẹ́.

Jíjìnnà sí igbó ńlá kò ní ipa tí mo rí. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò?

Rárá o. Ìdajì ìbéèrè yín ni. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti fi ìdajì òtítọ́ pa mọ́, ẹni tó ń kó ìwádìí jọ á sì rò pé gbogbo ayé ló ń rí ipa jíjìnnà, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tí kò rí i ló dákẹ́.

Àmọ́ “kò ní ipa” àti “a kò rí ipa” kì í ṣe ọ̀kan náà. Ègé 12 kéré. Ẹ kọ iye tí ẹ rí àti àlàfo rẹ̀: oríṣi 0.4 ló dín kù fún kìlómítà kan, àlàfo ìdá 95 sì lọ láti oríṣi 1.5 tó dín kù títí dé 0.7 tó lé. Ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé òfo wà nínú àlàfo náà, àti pé ipa ńlá kò jọ ohun tó lè fara pa mọ́ síbẹ̀. Ẹ tún sọ ibi tí jíjìnnà náà dé. Àwọn ègé wa kò kọjá kìlómítà 2 sí igbó ńlá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kìlómítà 10, iṣẹ́ náà kò mọ̀ ọ́n.

Ṣé mo lè kọ pé àwọn oríṣi kan “pòórá” nínú ègé kékeré?

Ó dá lórí bóyá ẹ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nítòsí Manaus ní Brazil, iṣẹ́ ńlá kan tí Thomas Lovejoy dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1979. Wọ́n ka ohun abẹ̀mí inú igbó kí wọ́n tó gé ohun tó yí i ká, wọ́n wá fi ègé hẹ́kítà 1, 10 àti 100 sílẹ̀, wọ́n sì ń padà síbẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kọ pé ẹyẹ kan “pòórá,” torí pé ó rí i níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa kò ní àǹfààní yẹn. Ìgbà tí wọ́n ti gé igbó tán la débẹ̀, a wá fi ègé kékeré wé igbó ńlá bí ẹni pé bákan náà ni wọ́n rí níjọ́un. Ó ṣeé ṣe kí ègé kékeré wà lórí òkè olókùúta tí àgbẹ̀ kò fẹ́, kó sì máà ní oríṣi púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ kò bá ní àkọsílẹ̀ ìṣáájú, ẹ kọ “a kò rí i nínú ègé kékeré” tàbí “ó kéré ju ti igbó ńlá lọ.” Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe yín lọ́kọ̀ọ̀kan: “pòórá,” “dín kù,” “sọ di,” “fà.” Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń sọ pé ẹ mọ ohun tó ṣáájú.

Ìwúlò ńkọ́? Báwo ni mo ṣe lè sọ̀rọ̀ tó níláárí láìsọ àsọdùn?

Gbólóhùn ìkẹyìn àṣamọ̀ àkọ́kọ́, “a jíròrò lórí ohun tí èyí túmọ̀ sí,” jẹ́ ìlérí lásán. Ẹ sọ ohun tó túmọ̀ sí.

Èyí tó ṣáájú rẹ̀ sì kọjá ààyè. Ó sọ pé irúgbìn kò ní rí ẹni rì í mọ́lẹ̀, igbó kò sì ní tún ara rẹ̀ ṣe. Òtítọ́ ni pé yímíyímí máa ń rì irúgbìn tó wà nínú ìgbẹ́ ẹranko mọ́lẹ̀, èyí sì máa ń gba irúgbìn náà lọ́wọ́ eku. Àmọ́ wọn kò wọn irúgbìn, wọn kò ka èéhù, wọn kò tilẹ̀ wọn iye ìgbẹ́ tó wọlẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 1989 lórí yímíyímí nítòsí Manaus wo bí ìgbẹ́ ṣe ń jẹrà pẹ̀lú, ó rí i pé ó falẹ̀ nínú ègé igbó, nítorí náà ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí yímíyímí ń ṣe. Ẹni tó ka oríṣi nìkan lè sọ̀rọ̀ lórí oríṣi nìkan.

Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: ta ni àbájáde yìí á jẹ́ kó ṣe nǹkan mìíràn lọ́la? Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó ní owó díẹ̀ láti gbin igi ni. Ó lè fi owó náà fẹ ègé tó ti wà, ó sì lè fi gbin ègé kékeré tuntun sí àárín wọn kí ẹranko lè máa fò láti ìkan sí èkejì. Ìwọ̀n ègé bá oríṣi rìn, jíjìnnà kò bá a rìn ní ààyè tí a wò. Èyí fì sí fífẹ ègé tó ti wà. Ohun tó ṣeé lò nìyẹn, kò sì kọjá ohun tí wọ́n wọ̀n.

Báwo ni àṣamọ̀ náà ṣe wá rí lẹ́yìn àtúnkọ?

> Ègé igbó kékeré kì í sábà ní oríṣi yímíyímí tó pọ̀ tó ti igbó ńlá, ṣùgbọ́n kò dájú bóyá ìwọ̀n ègé ni ìyàtọ̀ náà bá rìn tàbí jíjìnnà rẹ̀ sí igbó ńlá. A béèrè èwo nínú méjèèjì ló bá iye oríṣi yímíyímí àti ìtóbi ara wọn rìn jù nínú igbó òjò ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní [agbègbè àti orílẹ̀-èdè]. A yẹ ègé 12 wò (hẹ́kítà 3 sí 120; kìlómítà 0.2 sí 2 sí igbó ńlá), tí pápá ìjẹko ti yí ká fún ogún ọdún ó kéré tán, pẹ̀lú ibi 4 nínú igbó tí a kò gé. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ibi 16 náà, a dẹ pàkúté mẹ́fà tí a fi ìgbẹ́ sí fún wákàtí 48, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igbó tí a kò gé ní oríṣi 28 ní ìpíndọ́gba. Ègé tí kò tó hẹ́kítà 10 ní 11. Oríṣi 3 ló ń lé sí i bí ègé bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì (àlàfo ìdánilójú 95%: 2 sí 4). Yímíyímí tó gùn ju mìlímítà 20 lọ wà nínú gbogbo ègé tó ju hẹ́kítà 50 lọ, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo lára ègé márùn-ún tí kò tó hẹ́kítà 10 ni a ti rí i. A kò rí ẹ̀rí pé jíjìnnà ní ipa ńlá (−0.4 fún kìlómítà kan; àlàfo 95%: −1.5 sí 0.7). Níbi tí ègé kò bá jìnnà ju kìlómítà 2 lọ sí igbó ńlá, fífẹ ègé tó ti wà lè ṣe yímíyímí ńlá láǹfààní ju fífi ègé kékeré tuntun kún wọn lọ. Àkọsílẹ̀ ìgbà tí wọn kò tíì gé igbó náà ni yóò fi hàn bóyá ìyàtọ̀ yìí ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè, ìwọ̀n, jíjìnnà, iye oríṣi, ìtóbi ara, ló padà wá nínú àbájáde. Mi ò pa wọ́n dà láti fi ẹwà kún èdè. Bí ẹ bá kọ “jíjìnnà” lókè, tí ẹ wá kọ “ìdánìkanwà” nísàlẹ̀, òǹkàwé á máa wá ohun kẹta.

Ó ṣì gùn ju iye ọ̀rọ̀ tí jọ́nà fẹ́ lọ. Kí ni kí n gé?

Ìfáárà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé, kó wọnú ìbéèrè. Lẹ́yìn rẹ̀, wákàtí 48 àti àsìkò ọdún lè lọ. Iye ègé, ìwọ̀n wọn àti àlàfo ìdánilójú ni kí ẹ fi ṣe èyí tí a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Jọ́nà mi fẹ́ kí a fi àkọlé pín àṣamọ̀. Ṣé ó yí nǹkan padà?

Díẹ̀. Ohun mẹ́rin náà ni, ẹ kàn fi wọ́n sábẹ́ àkọlé wọn. Àwọn jọ́nà kan tó wà fún àwọn alábòójútó igbó máa ń fẹ́ kí apá ìkẹyìn sọ ohun tí alábòójútó lè ṣe. Ẹ fún un ní gbólóhùn méjì níbẹ̀.

Olùdarí iṣẹ́ mi ní kí n dá ọ̀rọ̀ irúgbìn padà kí iṣẹ́ lè fa ojú mọ́ra. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fi ọ̀wọ̀ gbé e padà fún wọn bí ìbéèrè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tábìlì wo ni kí n tọ́ka sí?” Bí tábìlì bá wà, ẹ kọ ọ́. Bí kò bá sí, ẹ bá wọn dúró sórí gbólóhùn kan tó sọ ohun tó kù láti wọ̀n: “Bóyá àìsí yímíyímí ńlá ń dín rírì irúgbìn mọ́lẹ̀ kù, a kò wọ̀n ọ́n.” Ìparí ìjíròrò nínú iṣẹ́ gan-an ni àyè rẹ̀ dára jù. Bí wọ́n bá ṣì fẹ́ ẹ nínú àṣamọ̀, kó wà níbẹ̀ pẹ̀lú “a kò wọ̀n ọ́n” rẹ̀, kí ẹ sì gé ìfáárà sí i láti rí àyè fún un.